Àbọ̀ Ọ̀rọ̀ Tí À Ń Mú Lọ sí Báńkì

“Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dé inú rẹ̀, á di odindi.” Ẹni tó ń gbọ́rọ̀ ni a sábà máa ń rò pé òwe yìí ń bá wí. Ṣùgbọ́n ó gbé iṣẹ́ lé ẹni tó ń sọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́. Àbọ̀ tí yóò di odindi nínú ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ gbé egungun odindi náà dání. Bí kò bá ní egungun, ìfura ni ọmọlúàbí tó gbọ́ ọ yóò fi kún un.

Ibi tí mo ti rí i pé ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì jù ni ojú ìwé àkọ́kọ́ nínú ìwé àbá òwò tí ilé-iṣẹ́ kékeré máa ń gbé lọ sí báńkì láti yáwó. Sọ́márì ni wọ́n ń pè é. Ojú ìwé kan ni, bó pọ̀ tán kó jẹ́ méjì. Òṣìṣẹ́ tó ń rí sí ẹ̀yáwó ní ẹ̀ka báńkì ni yóò kọ́kọ́ kà á, àmọ́ òun nìkan kọ́ ló ń fọwọ́ sí owó. Yóò tún un sọ níwájú àwọn ọ̀gá rẹ̀ tí wọn kò rí oníṣòwò náà rí. Ohun tí kò bá sí nínú sọ́márì, kò ní í rí i sọ.

Ẹ jẹ́ ká fi tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan ní Ìkòsí ṣe àpẹẹrẹ. Iye owó tí mo máa dárúkọ náà, ti àpẹẹrẹ ni. Wọ́n ń ra tòmátì, tàtàṣé àti ata rodo ní ọjà Máìlì 12, wọ́n ń ṣà á, wọ́n sì ń gbé e fún àwọn ilé oúnjẹ ní Ìkẹjà. Inú apẹ̀rẹ̀ ni tòmátì ti máa ń wá láti Òkè Ọya, èyí tó wà nísàlẹ̀ á sì ti fọ́ kó tó débí. Ọkọ̀ tí wọ́n ń háyà lójoojúmọ́ tún ń jẹ wọ́n lówó. Nítorí náà, wọ́n fẹ́ yá mílíọ̀nù 6 náírà: mílíọ̀nù 4.5 fún kòròpé àlòkù kan, mílíọ̀nù 1.5 fún kéréètì oníke.

Sọ́márì tí wọ́n kọ́kọ́ kọ sọ pé Máìlì 12 jẹ́ ọjà ńlá, pé kò sí ẹni tí kì í jẹ ata l'Ékòó, pé àwọn ọ̀dọ́ yóò ríṣẹ́. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ̀rún oníṣòwò lè kọ ohun kan náà, kò sì sí ìkankan níbẹ̀ tó dáhùn ìbéèrè tó wà lọ́kàn ayánilówó: èló, fún kí ni, láti inú owó wo ni yóò ti padà, kí ni yóò sì dúró bí kò bá padà?

Ẹ wò ó bí wọ́n ṣe tún un kọ:

“A ń béèrè mílíọ̀nù 6 náírà, tí a óò san padà láàárín oṣù 24, láti ra kòròpé kan àti kéréètì. Láàárín oṣù 12 tó kọjá, ìpíndọ́gba owó tó wọ àkáǹtì ilé-iṣẹ́ wa jẹ́ mílíọ̀nù 9 lóṣù. Lẹ́yìn owó ọjà, owó ọkọ̀, owó ọ̀yà àti owó ṣọ́ọ̀bù, ẹgbẹ̀rún 900 ló ń ṣẹ́ kù. Oṣù tó burú jù ni July, tí ẹgbẹ̀rún 420 ṣẹ́ kù. A kò tíì ka ohun tí kòròpé yóò dín kù nínú owó ọkọ̀ mọ́ ọn. Kòròpé náà ni a óò fi dógò.”

Gbólóhùn nípa July ló gbé gbogbo rẹ̀ ró. Ìpíndọ́gba máa ń bo oṣù burúkú mọ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ oṣù burúkú ni gbèsè máa ń ni èèyàn lára. Ẹni tó mọ òwò tòmátì mọ̀ pé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí ìkórè bá ń ti Òkè Ọya bọ̀, ọjà á pọ̀. Nígbà òjò, á wọ́n. Bí oníṣòwò bá fúnra rẹ̀ sọ oṣù tó burú jù, òṣìṣẹ́ báńkì kò ní í máa wá a kiri.

Ṣé ẹgbẹ̀rún 420 náà wá tó? Ó di ọwọ́ bí báńkì bá ṣe ń ṣírò èlé. Ní November 2024, Báńkì Àpapọ̀ gbé òṣùwọ̀n èlé rẹ̀ dé 27.5%, nítorí náà èlé 30% lọ́dún kì í ṣe ohun àjèjì fún ilé-iṣẹ́ kékeré. Bí wọ́n bá ń ka èlé lórí owó tó ṣẹ́ kù lọ́rùn nìkan, èlé oṣù àkọ́kọ́ yóò jẹ́ ẹgbẹ̀rún 150, iye tí wọn yóò máa san lóṣù, ojú owó àti èlé pọ̀, yóò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 335,500 náírà. July lè gbé èyí. Bí wọ́n bá sì ń ka èlé lórí gbogbo mílíọ̀nù 6 náà títí dé òpin, bí ẹni pé a kò tíì san nǹkan kan, yóò di ẹgbẹ̀rún 400 lóṣù. Ẹgbẹ̀rún 20 péré ni July yóò fi jù ú lọ, ọkọ̀ ẹrù kan tó bá pẹ́ lójú ọ̀nà tó láti gbé e mì. 30% kan náà ni o! Ó yẹ kí wọ́n béèrè èyí kí wọ́n tó kọ sọ́márì, nítorí òun ló máa sọ bóyá oṣù 24 tó, tàbí kí wọ́n béèrè oṣù 30.

Apá ewu ni ọ̀pọ̀ máa ń fò, wọ́n rò pé yóò ba ọ̀rọ̀ wọn jẹ́. Àwọn tó wà ní báńkì kò gbàgbé. Ní March 2016, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Máìlì 12, ìjọba sì ti ọjà náà pa. Ní May ọdún kan náà, kòkòrò Tuta absoluta run oko tòmátì ní Kàdúná débi pé ìjọba ìpínlẹ̀ náà kéde pàjáwìrì. Ní ìparí February 2021, àwọn oníṣòwò oúnjẹ ní Òkè Ọya dá ẹrù tó ń lọ sí Gúúsù dúró. Gbólóhùn méjì tó fún apá ewu náà: pé nígbà òjò, wọ́n tún ń ra tòmátì tí wọ́n gbìn ní Ọ̀yọ́ àti Ògùn, àti pé owó ìsanpadà oṣù kan wà ní ìpamọ́ tí wọn kì í fọwọ́ kàn. Bí kò bá sí lóòótọ́, kí wọ́n má kọ ọ́.

Ní ti ohun ìdógò, ọ̀pọ̀ oníṣòwò ló rò pé láìsí ìwé ilé, kò sí ẹ̀yáwó. Òfin kan tí wọ́n ṣe lọ́dún 2017 fàyè gba fífi ohun tó ṣeé gbé kiri, bí ọkọ̀, ẹ̀rọ tàbí ọjà inú ṣọ́ọ̀bù, dógò, kí báńkì sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ nínú ìwé àkọsílẹ̀ ìjọba. Kì í ṣe gbogbo báńkì ló fẹ́ràn rẹ̀. Àwọn mìíràn yóò ṣì béèrè onídùúró. Síbẹ̀, ó yẹ kó wà nínú sọ́márì.

Ibi tí sọ́márì ti máa ń ṣubú jù ni ìgbà tí wọ́n bá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àkọsílẹ̀ àkáǹtì. Ìwé ń sọ mílíọ̀nù 9, àkáǹtì ń sọ 2, nítorí ìyókù gba àkáǹtì ìyàwó ilé kọjá, tàbí ó gba ọwọ́ lọ́wọ́. Ó lè jẹ́ òótọ́ ni oníṣòwò ń sọ, ṣùgbọ́n kò ní ẹ̀rí. Kí owó máa gba àkáǹtì ilé-iṣẹ́ fún oṣù mẹ́fà, ó kéré tán, kí wọ́n tó kọ ohunkóhun. BVN náà yóò sọ bóyá gbèsè orí fóònù kan ṣì wà nílẹ̀ tí wọn kò san.

Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń kọ sọ́márì kẹ́yìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni wọ́n ń kà ṣáájú. Tí ó bá ti dé báńkì, òṣìṣẹ́ lè wá sí Ìkòsí láàárọ̀ kùtù láìsọ tẹ́lẹ̀. Yóò ka iye apẹ̀rẹ̀ tó wọlé, yóò bi ọmọ iṣẹ́ pé ilé oúnjẹ mélòó ni wọ́n ń gbé ọjà fún, yóò sì béèrè lọ́wọ́ àbúrò, nígbà tí ẹ̀gbọ́n kò sí nítòsí, pé báwo ni July ṣe rí.