Ọjọ́ Tí Ẹ̀bẹ̀ Pẹ́ Kó Tó Dé

Ọjọ́ Ẹtì ni, 19 oṣù Keje, ọdún 2024. Aago Nàìjíríà ni mo fi to ìtàn yìí.

5:09 òwúrọ̀

CrowdStrike, iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń ta sọfítíwíà tí ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ olè orí ayélujára, fi fáìlì kékeré kan ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà àwọn oníbàárà rẹ̀ tó ń lo Windows. Àṣìṣe wà nínú fáìlì náà. Inú ìpìlẹ̀ Windows gan-an ni sọfítíwíà yìí ti ń ṣiṣẹ́, nítorí náà bí òun ṣe kọsẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ń bá a ṣubú. Ojú ẹ̀rọ á di búlúù, á kú, á tún ara rẹ̀ tàn, á tún kú. Mágàádì ti ti ìlẹ̀kùn mọ́ onílé síta.

6:27 òwúrọ̀

Wọ́n yọ fáìlì náà kúrò. Ẹ̀rọ tí kò tíì gbà á bọ́. Ṣùgbọ́n èyí tó ti kú kò lè wà láàyè pẹ́ tó láti gba àtúnṣe. Ẹnìkan ní láti jókòó sídìí rẹ̀, kó tan án sí Safe Mode, kó wá fáìlì tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ `C-00000291*.sys`, kó pa á rẹ́, kó tó bọ́ sórí ẹ̀rọ kejì. Microsoft fojú bù ú lẹ́yìn náà pé ẹ̀rọ mílíọ̀nù mẹ́jọ àtààbọ̀ ló kàn. Ìkìlọ̀ tí CrowdStrike kọ́kọ́ kọ wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ aṣínà. Oníbàárà nìkan ló lè kà á. Ẹni tí ọkọ̀ òfurufú rẹ̀ kò gbéra nítorí ẹ̀rọ tó kú kì í ṣe oníbàárà wọn.

Nǹkan bí 10:45 òwúrọ̀

George Kurtz, ọ̀gá àgbà iléeṣẹ́ náà, sọ̀rọ̀ lórí X. Ó ní àwọn ń bá oníbàárà tí àbùkù kan nínú fáìlì kan ṣoṣo kàn ṣiṣẹ́. Kò kan Mac àti Linux. Kì í ṣe ìkọlù. Wọ́n ti mọ ìṣòro náà, wọ́n ti yà á sọ́tọ̀, wọ́n sì ti fi àtúnṣe síta. Kí oníbàárà lọ wo ojúlé ìrànwọ́.

Kò parọ́. Ohun tó ń bí èèyàn nínú gan-an nìyẹn. Àbùkù kàn “wà” ni, bí ẹni pé kò sẹ́ni tó fi ránṣẹ́. “Kan ṣoṣo” ń sọ ọ̀rọ̀ náà di kékeré lójú ẹni tí ọ́fíìsì rẹ̀ ti dákẹ́ látàárọ̀. “Àtúnṣe ti jáde” jẹ́ òótọ́ ní CrowdStrike, kò sì rí bẹ́ẹ̀ níwájú ojú ẹ̀rọ búlúù. Kò sí “ẹ má bínú” níbẹ̀ rárá, àwọn tó kà á sì sọ ọ́ sí i létí.

Lójú tèmi, gbólóhùn tó sọ pé kì í ṣe ìkọlù nìkan ló yẹ kó wà bó ṣe wà. Ìbẹ̀rù àwọn olè ni gbogbo ayé kọ́kọ́ ní láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.

Ọ̀sán

Kurtz jáde lórí tẹlifíṣọ̀n NBC. Ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ oníbàárà, ó dárúkọ àwọn arìnrìn-àjò, ó sì gbà pé ohun tí àwọn fà ni. Ẹjọ́ ti ní ẹni tó ni ín báyìí.

Kí ọjọ́ tó parí

Lẹ́tà rẹ̀ jáde. Ẹ̀bẹ̀ ló ṣáájú, ó bá àwọn èèyàn sọ ọ́ tààrà. Ó ṣèlérí láti ṣàlàyé bó ṣe ṣẹlẹ̀ láìfi nǹkan pamọ́, ó sì kìlọ̀ pé àwọn oníjìbìtì lè máa pe ara wọn ní òṣìṣẹ́ CrowdStrike. Ìkìlọ̀ yìí wúlò ju ẹ̀bẹ̀ mẹ́wàá lọ. Síbẹ̀ ó tún ń fi bí àwọn ṣe tètè rí ìṣòro náà yangàn, nígbà tí ìyà ṣì ń jẹ àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ká ní èmi ni wọ́n gbé kálàmù fún ní 10:45, ohun tí ǹ bá kọ nìyí:

“Fáìlì tí a fi ránṣẹ́ láàárọ̀ yìí ló da kọ̀ǹpútà yín rú. Àwa la ṣe é. Kì í ṣe ọwọ́ olè. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú. A ti yọ ọ́ kúrò ní 6:27, ṣùgbọ́n ìyẹn kò tún ẹ̀rọ tó ti kú ṣe: ẹnìkan gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì lè gba ọjọ́ mélòó kan. Ìlànà rẹ̀ rèé, ẹ ò nílò ọ̀rọ̀ aṣínà láti kà á. Ìdí tí fáìlì náà fi gba àárín àyẹ̀wò wa kọjá kò tíì yé wa tán. Ní aago mẹ́ta ọ̀sán a ó sọ ohun tí a bá ti mọ̀, bí kò tilẹ̀ pé.”

“Àwa la ṣe é” ni agbẹjọ́rò máa kọ́kọ́ fi bírò pupa fà lé lórí. Ṣùgbọ́n nígbà tí iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú Delta ń halẹ̀ pé òun máa pẹjọ́ ní oṣù Kẹjọ, ìwé àdéhùn ni agbẹjọ́rò CrowdStrike dì mú: ó ní owó tí àwọn lè san kò lè kọjá mílíọ̀nù dọ́là mélòó kan tí kò tó mẹ́wàá. Àdéhùn yẹn ti wà kí Kurtz tó tọrọ àforíjì.