Àárẹ̀ ọ̀sán lára òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ní Ṣómólú àti Bàrígà

Àárẹ̀ ọ̀sán ni bí agbára àti ọkàn òṣìṣẹ́ ṣe máa ń rẹlẹ̀ láàárín aago 1 sí aago 4 ọ̀sán. Ojú á wúwo, ẹni tó ń ṣàtúnṣe ìwé lórí kọ̀ǹpútà á ka ìlà kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀mẹta kó tó yé e, àṣìṣe tí ì bá rí láàárọ̀ á sì kọjá lójú rẹ̀. Kì í ṣe àìsàn, kì í sì í ṣe ọ̀lẹ. Ní Ṣómólú àti Bàrígà, níbi tí iṣẹ́ ìtẹ̀wé ti fìdí múlẹ̀ gan-an l'Ékòó, òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì kì í sábà jókòó sójú kan. Á ṣe iṣẹ́ tán lórí kọ̀ǹpútà, á lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe pléètì, á yà sọ́dọ̀ ẹni tó ń gé bébà, á tún padà wá jókòó. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ ṣe gbà pé wàhálà iṣẹ́ ló ń fà á. Ṣùgbọ́n ó ń mú akọ̀wé tí kò kúrò lórí àga bákan náà.

Aago ara àti gbèsè oorun

Oúnjẹ ni gbogbo ayé máa ń kọ́kọ́ dá lẹ́bi: ẹ̀bà ti wọra, oorun dé. Àwọn olùṣèwádìí sì ti rí àárẹ̀ yìí lára àwọn tí kò fẹnu kan oúnjẹ ọ̀sán rárá, àní lára àwọn tí a kò jẹ́ kí wọ́n mọ iye aago tó lù. Inú ara fúnra rẹ̀ ló ti ń wá.

Ní 1982, Alexander Borbély, onímọ̀ nípa oorun ní orílẹ̀-èdè Siwitsalandi, ṣàlàyé pé nǹkan méjì ló jọ ń darí oorun. Èkíní ni ìtẹ̀ oorun, tó ń pọ̀ sí i láti ìgbà tí èèyàn bá ti jí. Lóde òní, adẹnosíìnì tó ń gbára jọ nínú ọpọlọ ni wọ́n kà sí ọ̀kan pàtàkì nínú ohun tó ń fà á. Èkejì ni aago ara, tó ń ti èèyàn sí àìsùn, tí agbára rẹ̀ sì ń ga sí i títí di ìrọ̀lẹ́. Lọ́sàn-án, ìtẹ̀ oorun ti pọ̀, aago ara kò sì tíì ga tó láti borí rẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹni tó ń tòògbé ní aago 2 fi lè máa ṣàwàdà ní aago 6 láìjẹ ohunkóhun kún un.

Ẹ jẹ́ ká fi òṣìṣẹ́ méjì ṣe àpẹẹrẹ. Ọ̀kan ń ti Ìkòròdù wá sí Ṣómólú. Ó sùn ní aago 11:30 alẹ́, ó jí ní 4:30 kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ má bàa ká a mọ́nà. Oorun wákàtí 5 ló sùn, ó sì ti lo wákàtí 9 lójúfò nígbà tí aago 1:30 bá lù. Èkejì ń gbé ní Bàrígà, ó sùn ní aago 11, ó jí ní 6:30. Ó sun wákàtí 7 ààbọ̀, wákàtí 7 péré ló sì tíì lò lójúfò. Bí àwọn méjèèjì bá jẹ irú oúnjẹ kan náà ní búkà kan náà, ti Ìkòròdù ni yóò kọ́kọ́ gbé orí lé tábìlì. Lásìkò ìdìbò, tàbí nígbà tí wọ́n ń tẹ kàlẹ́ńdà ọdún tuntun, tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ mọ́jú, ti Bàrígà náà kò ní sàn jù ú lọ.

Gbèsè oorun burú torí pé ẹni tó jẹ ẹ́ kì í mọ bó ti pọ̀ tó. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2003 láti Yunifásítì Pẹnsilféníà, àwọn tó ń sun wákàtí 6 lálaalẹ́ fún ọ̀sẹ̀ 2 ń ṣe àṣìṣe bí ẹni tí kò sùn rárá fún odindi òru kan tàbí méjì. Síbẹ̀, bí wọ́n bá bi wọ́n, wọ́n á ní oorun kò fi bẹ́ẹ̀ kun àwọn. Wákàtí 7 ó kéré tán ni àwọn onímọ̀ ní kí àgbàlagbà máa sùn.

Ṣúgà

Ibi tí àríyànjiyàn wà nìyí. Ohun tí wọ́n ń sọ káàkiri ni pé mínírà á kọ́kọ́ gbé agbára èèyàn sókè, lẹ́yìn náà á já a sílẹ̀. Ìdajì àkọ́kọ́ kò dúró. Ní 2019, wọ́n kó ìwádìí 31 jọ, tí àwọn tó kópa nínú wọn ju 1,200 lọ. Wọn kò rí i pé ṣúgà ń mú inú ẹnikẹ́ni dùn sí i. Ohun tí wọ́n rí ni pé àárẹ̀ pọ̀ sí i láàárín ìṣẹ́jú 30, ojú kò sì já geere mọ́ láàárín wákàtí kan.

Ti ìdajì kejì ṣòro díẹ̀. Ní 2021, ìwádìí kan lára èèyàn tó lé ní 1,000 ní Bìrìtìkó àti Amẹ́ríkà fi hàn pé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ àwọn kan máa ń lọ sílẹ̀ ju ibi tó wà kí wọ́n tó jẹun, ní nǹkan bíi wákàtí 2 sí 3 lẹ́yìn oúnjẹ, ebi á sì tètè pa wọ́n. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ń rí bẹ́ẹ̀. Bóyá ìlọsílẹ̀ yìí náà ló ń fa oorun, wọn kò tíì fẹnu kò lé e lórí. Èyí tó dájú ni pé títòògbé nìkan kì í ṣe àmì pé ṣúgà ti tán lára. Bó bá rí bẹ́ẹ̀ ní tòótọ́, ọwọ́ máa ń gbọ̀n, òógùn tútù máa ń bo ni, àyà á sì máa já.

Mínírà tó ní gíráàmù 10 ṣúgà nínú mìlílítà 100 yóò ní gíráàmù 50 nínú ìgò sẹ̀ǹtílítà 50, bíi kóro ṣúgà onígun 12. Owó orí tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbà lórí rẹ̀ ní 2022 jẹ́ náírà 10 lórí lítà kan, ìyẹn náírà 5 lórí ìgò náà. Kò lè dẹ́rù ba ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ.

Ohun tó wà nínú abọ́

Oúnjẹ kọ́ ló dá àárẹ̀ ọ̀sán sílẹ̀, òun ló máa ń mú un jinlẹ̀. Bí oúnjẹ bá ti pọ̀ tó ló ṣe kókó jù, lẹ́yìn náà ni ohun tó wà nínú rẹ̀. Nínú gíráàmù 100 gàrí gbígbẹ, afáralókun lé ní 80, amúaradàgbà kò ju 1 tàbí 2 lọ. Ẹ̀wà gbígbẹ tó wúwo bákan náà ní amúaradàgbà tó tó gíráàmù 20 àti díẹ̀. Òkìtì ẹ̀bà méjì pẹ̀lú ọbẹ̀ tín-ínrín, ẹran kan àti mínírà tutù fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ afáralókun lódindi. Lára eku, wọ́n ti rí i pé gúlúkóòsì ń pa àwọn ẹ̀yà ọpọlọ tó ń mú èèyàn wà lójúfò lẹ́nu mọ́, tí èròjà amúaradàgbà sì ń jí wọn. Ti èèyàn kò tíì dájú tó bẹ́ẹ̀.

Bí a ṣe ń tò ó sẹ́nu náà ń ṣiṣẹ́. Ní 2015, àwọn dókítà ní Niu Yọ́ọ̀kì fún èèyàn 11 tó ní àtọ̀gbẹ ní adìyẹ àti ẹ̀fọ́ ṣáájú, wọ́n wá fún wọn ní búrẹ́dì àti omi ọsàn ní ìṣẹ́jú 15 lẹ́yìn náà. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn lẹ́yìn wákàtí kan fi ìdá 37 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti ọjọ́ tí búrẹ́dì ṣáájú. Èyí tako ẹ̀kọ́ ilé wa, níbi tí ọmọ tó bá kọ́kọ́ kó ẹran jẹ ti ń gba ìgbájú. Ní búkà, ọ̀nà tó rọrùn ni kéèyàn dín òkìtì kù sí ẹyọ kan, kó fi ẹ̀fọ́ rírò àti ẹja kún un, tàbí kó jẹ ẹ̀wà pẹ̀lú ìrẹsì díẹ̀, kó sì fi omi rọ́pò mínírà. Rírìn fún ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ máa ń dín bí ṣúgà ṣe ń ga kù, torí náà ẹni tó ní ìwé láti gbé lọ sọ́dọ̀ agébébà, kó lọ nígbà yẹn, ṣùgbọ́n kó má fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé e bí ojú bá ṣì wúwo.

Oorun ìṣẹ́jú 10 sí 20 ń ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́. Kọfí àti obì ní kaféènì, tó ń dí adẹnosíìnì lọ́wọ́ ṣùgbọ́n tí kì í san gbèsè oorun. Ìdajì rẹ̀ ṣì lè wà lára lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí 5, nítorí náà èyí tí a mu ní aago 4 lè lé oorun alẹ́ lọ.

Ẹni tó bá ti sun wákàtí 7 lálaalẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, tó dín oúnjẹ ọ̀sán kù, tí àárẹ̀ kò sì lọ, kó lọ sí ilé ìwòsàn. Bó bá ń hanrun kíkankíkan tí èémí sì ń dá dúró lójú oorun, kó sọ fún dókítà. Bí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́ lemọ́lemọ́ tó sì ń tọ̀ ṣáá, kó ní kí wọ́n yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ òun wò.