Bobby Griffith àti ìyá rẹ̀: ẹ̀rù méjì nínú ilé kan

Ẹ jókòó o, ìtàn gígùn ni. Ikú wà nínú rẹ̀, ikú ọ̀dọ́ tó gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Bí ọkàn yín ò bá gbà á lónìí, ẹ fi í sílẹ̀ dọjọ́ mìíràn, mi ò ní bínú.

Ẹ mọ̀ pé ìtàn ni mo kà ní yunifásítì, àmọ́ kì í ṣe inú kíláàsì ni mo ti gbọ́ èyí. Ọ̀rẹ́ mi kan ló fi fíìmù kan ránṣẹ́ sí mi ní aago méjì òru. Ó ní kí n wò ó, kí n má bi òun ní nǹkan kan títí tí màá fi wò ó tán. Prayers for Bobby lorúkọ fíìmù náà, 2009 ló jáde, Sigourney Weaver ló ṣe ìyá nínú rẹ̀.

Mo wò ó tán, mo pè é. Ó ní, "Ṣé o rí ìyá yẹn? Màmá mi nìyẹn." Ó wá dákẹ́. Mo gbọ́ bó ṣe ń mí. Lẹ́yìn náà ló sọ fún mi pé ọkùnrin ni ọkàn òun máa ń fà sí látìgbà tí òun ti gbọ́njú, pé géè lòun, pé kò sẹ́ni tó mọ̀ nílé. Bàbá rẹ̀, díákónì ni. Màmá rẹ̀, Ìyá Ìjọ. (Ó gbà kí n kọ èyí o. Mo ti yí nǹkan díẹ̀ padà kí ẹnikẹ́ni má baà dá a mọ̀.)

Fíìmù máa ń sáré, torí náà mo lọ wá ìwé tí wọ́n fi ṣe é. Oníròyìn kan, Leroy Aarons, ló kọ ọ́ ní 1995. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ló gbé mi dé orí ìkànnì yìí lálẹ́ òní.

Ìlú kékeré kan wà ní Kalifọ́níà tó ń jẹ́ Walnut Creek, kò jìnnà sí San Francisco. Ibẹ̀ ni ìdílé Griffith ń gbé. Ọmọ mẹ́rin ni wọ́n bí. 1963 ni wọ́n bí Bobby. Ìyá wọn, Mary, kì í fi ṣọ́ọ̀ṣì ṣeré rárá. Ìjọ Presibitéríà ni wọ́n ń lọ, ohun tí Bíbélì bá sì ti wí, abẹ gé e nìyẹn. Bàbá wọn kò le tó ìyá nídìí ẹ̀sìn, ìyá gan-an ló ń darí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run nínú ilé.

Bobby ń kọ ìwé ìrántí ojoojúmọ́. Ìwé yẹn ló jẹ́ ká mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ kó tó sọ ọ́ jáde. Ẹ wò ó, ohun tó dùn mí jù lọ nínú gbogbo ìtàn náà rèé. Bobby kò bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù torí pé ẹnì kan halẹ̀ mọ́ ọn. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ti gbọ́ lẹ́nu àwọn ará ilé òun pé àwọn kórìíra irú èèyàn bẹ́ẹ̀, pé Ọlọ́run pàápàá kórìíra wọn. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bá wí. Ọ̀rọ̀ ṣákálá ni lẹ́nu wọn, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ òjò. Àmọ́ ọmọ tó jókòó síbẹ̀ ti gbọ́ ìdájọ́ rẹ̀ ṣáájú kó tó gbé ẹjọ́ rẹ̀ wá.

Mo ka ibẹ̀, mo rántí ọ̀rẹ́ mi. Ìdílé wọn ní gúrúùpù kan lórí Wátsáàpù. Ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, màmá rẹ̀ fi fídíò kan síbẹ̀, wòlíì kan ń lé "ẹ̀mí" kúrò lára ọ̀dọ́mọkùnrin kan. Àwọn àǹtí ń ṣe àmín. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ kan sọ pé ká ní ọmọ òun ni, òun á kọ̀ ọ́ lọ́mọ ni. Ọ̀rẹ́ mi tẹ àmín tirẹ̀ náà, torí gbogbo èèyàn ti tẹ tiwọn, ó sì ń bẹ̀rù kí wọ́n má bi í pé kí ló dé tó dákẹ́.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Bobby. Ní 1979, nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ó sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, Ed, ó sì ní kó fi í ṣe àṣírí. Ed gbìyànjú láti pa á mọ́. Àmọ́ ẹ̀rù ń bà á pé àbúrò òun lè ṣe ara rẹ̀ ní jàǹbá, ló bá sọ fún àwọn òbí wọn. Mi ò dá Ed lẹ́bi. Ọmọdé lòun náà, ẹrù yẹn sì wúwo jù fún orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyẹn, Bobby kọ́ ló yan ọjọ́ tí àwọn òbí rẹ̀ gbọ́.

Ohun tí gbogbo wa máa ń rò ni pé wọ́n á lé ọmọ jáde, wọ́n á da ẹrù rẹ̀ síta. Mary kò lé Bobby o. Kò ṣíwọ́ oúnjẹ fún un, kò yí orúkọ rẹ̀ padà. Ìfẹ́ ló fi kọlù ú. Ó gbà pé Ọlọ́run lè wò ó sàn, torí náà ó kọ ẹsẹ Bíbélì, ó ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí ọmọ á ti rí i, títí dórí dígí ilé ìwẹ̀. Ó ń gbàdúrà lé e lórí lóru nígbà tó bá sùn. Ó mú un lọ sọ́dọ̀ agbaninímọ̀ràn Kristẹni kan. Bobby náà gbìyànjú, ó gbàdúrà, ó gbà á gbọ́. Nígbà tí kò sí ohun tó yí padà, ẹ̀bi rẹ̀ ni wọ́n kà á sí: kò tíì gbà á gbọ́ tó nìyẹn.

Ẹ sì rántí pé ní 1973, ọdún mẹ́fà ṣáájú, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọpọlọ nílẹ̀ Amẹ́ríkà ti yọ ọ̀rọ̀ yìí kúrò nínú ìwé tí wọ́n ka àwọn àrùn ọpọlọ sí. Ìròyìn yẹn kò dé ilé Griffith, tàbí kí n sọ pé kò ráyè wọlé.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka ibí yìí, mo fẹ́ pè é ní ìkà. Ọ̀rẹ́ mi ló dá mi dúró. Ó ní kí n tún un kà. Mo tún un kà, mo wá rí i: ẹ̀rù ń ba Mary náà. Ó gbà tọkàntọkàn pé bí Bobby kò bá yí padà, gbogbo ìdílé á pàdé lọ́run, Bobby nìkan ni kò ní sí níbẹ̀. Ọmọ ń bẹ̀rù pé òun á pàdánù ìyá òun láyé yìí, ìyá ń bẹ̀rù pé òun á pàdánù ọmọ òun títí ayé àìnípẹ̀kun. Ẹ̀rù ọ̀hún kan náà ni, abẹ́ òrùlé kan náà ni, kò sì sẹ́ni tó sọ tirẹ̀ jáde fún èkejì. Bí àdúrà ìyá ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ń gbọ́ ọ pé, bó o ṣe rí yìí, mi ò lè gbà ọ́.

Ní oṣù kejì 1983, Bobby kó lọ sí Portland, ní ìpínlẹ̀ Oregon, sọ́dọ̀ ìbátan rẹ̀ kan. Ó rí iṣẹ́, ó rí àwọn tó jọ ọ́. Èèyàn á rò pé ó ti bọ́. Àmọ́ ìwé ìrántí rẹ̀ fi hàn pé ohùn ilé tẹ̀ lé e lọ. Ní òru ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹjọ, 1983, ó gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Ọmọ ogún ọdún ni.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Mary ka ìwé ìrántí yẹn. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá inú Bíbélì, ó ń wá ibi tí ọmọ òun wà báyìí. Ó lọ bá pásítọ̀ kan, Larry Whitsell, tó jẹ́ pé ìjọ rẹ̀ ń gba àwọn géè mọ́ra. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó dé ibi tó dé: pé ìdí tí Ọlọ́run kò fi wo Bobby sàn ni pé kò sí àìsàn kankan lára rẹ̀. Ẹ̀pa kò sì bóró mọ́.

Ó wọ ẹgbẹ́ àwọn òbí kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ PFLAG. Ìyá kan ní Niu Yọ́ọ̀kì, Jeanne Manford, ló dá a sílẹ̀. Ní 1972, ó bá ọmọ rẹ̀ rìn ní gbangba, ó gbé páálí dání. Ní 1973, nǹkan bí ogún èèyàn ṣe ìpàdé àkọ́kọ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì kan. Ẹ gbọ́ o, nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Mary di olórí ẹ̀ka tó wà lágbègbè rẹ̀, ó sì ń bá àwọn òbí sọ̀rọ̀ títí tó fi dàgbà. 2020 ló kú, lẹ́ni ọdún márùndínláàádọ́rùn-ún.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti kàn wá gan-an. Òfin tí wọ́n fọwọ́ sí ní Nàìjíríà ní oṣù kìíní 2014 kò dá ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́rìnlá dúró fún ìgbéyàwó nìkan. Ẹni tó bá ṣètìlẹ́yìn fún ẹgbẹ́ àwọn géè lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá jura. Ẹ ro ó wò. Ká ní Mary wà ní Ìbàdàn tàbí Òṣogbo, tó sì fẹ́ kó ìyá mẹ́wàá jọ kí wọ́n sọ ohun tó ń dùn wọ́n, òun gan-an lè dé kọ́ọ̀tù. Àwọn ọmọ nìkan kọ́ ni òfin yẹn pa lẹ́nu mọ́. Ó ti ìlẹ̀kùn mọ́ ìyá tó fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀ náà.

Torí náà mi ò sọ fún ọ̀rẹ́ mi pé kó lọ jẹ́wọ́. Àwọn kan máa ń kọ ọ́ sórí ìkànnì pé "ṣáà jẹ́ ara rẹ," wọ́n á sì padà sùn. Ta ló máa sanwó ilé rẹ̀? Ó ti ṣèṣirò tirẹ̀. Ó ní owó ilé oṣù mẹ́fà nínú àkáǹtì tí ẹnikẹ́ni nílé kò mọ̀. Bí yóò bá sọ fún ẹnì kan, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó wà ní Gẹ̀ẹ́sì ni. Látìgbà tó ti ka ti Ed, ó ní òun kò ní sọ ọ́ lórí fóònù, òun á dúró kó wálé, kí òun lè rí ojú rẹ̀ nígbà tí òun bá ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ fún wọn.

Mo bi í pé kí ló ń bà á lẹ́rù jù, ṣé kí wọ́n lé e ni? Ó ní rárá. Màmá rẹ̀ máa ń pè é ní aago márùn-ún ìdájí, lójoojúmọ́, látìgbà tó ti lọ sìn ìlú gẹ́gẹ́ bí àgùnbánirọ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ kì í. "Àkànní," wọ́n á kì í débi tí oorun á fi dá lójú rẹ̀, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Ó ní òun lè fara da kí wọ́n bínú. Ó ní ìdájí tí fóònù ò ní dún ni òun ò mọ bí òun á ṣe gbé e.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó fi nǹkan kan hàn mí lórí fóònù rẹ̀. Láti ìgbà tó ti wo fíìmù yẹn ló ti ń gba ohùn wọn sílẹ̀. Ó ti tó ogójì. Ó kọ déètì sára ìkọ̀ọ̀kan.