Ewé Àgbàdo Ń Pọ́n: Ibi Tí Àwọ̀ Náà Gbà Ló Ń Sọ Ajílẹ̀ Tó Kù

Bí ewé àgbàdo bá ń pọ́n, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ló máa ń sáré ra ajílẹ̀ èyíkéyìí tí wọ́n bá rí. Owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré, tí kò bá sì jẹ́ èyí tí àgbàdo nílò, òfò ni. Kí àgbẹ̀ tó náwó, kó kọ́kọ́ wo ewé.

Ewé ìsàlẹ̀, tó dàgbà jù, ni kó kọ́kọ́ wò. Bí náítírójìn, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tàbí pòtáṣíọ̀mù kò bá tó, àgbàdo á fà á kúrò lára ewé àgbà, á fi bọ́ ewé tuntun lókè. Tó bá jẹ́ ewé òkè ló kọ́kọ́ pọ́n, nǹkan mìíràn ló ṣeé ṣe kó fà á.

Tí náítírójìn bá kù, ewé á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n láti ṣóńṣó, á gba àárín ewé wọlé bíi lẹ́tà V tí ẹnu rẹ̀ wà ní ṣóńṣó. Etí ewé ṣì máa ń tutù.

Òdìkejì èyí ni pòtáṣíọ̀mù. Etí ewé ló máa ń pọ́n, lẹ́yìn náà á gbẹ bí ẹni pé iná rà á, àárín á sì wà ní tútù.

Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ní tirẹ̀ máa ń hàn nígbà tí àgbàdo ṣì kéré. Ṣóńṣó àti etí ewé á ní àwọ̀ àlùkò, àgbàdo ò sì ní í tètè ga. Ṣùgbọ́n irúgbìn kan wà tí àwọ̀ náà jẹ́ ti àbínibí rẹ̀. Ilẹ̀ tó le tàbí tí omi dúró sí náà máa ń dí gbòǹgbò lọ́wọ́, nítorí náà, kí àgbẹ̀ hú ẹyọ kan wò.

Ẹ jẹ́ ká wo oko eékà kan tó ti lo NPK 15-15-15 nígbà ìgbìn. Ní ọ̀sẹ̀ 5, lẹ́yìn òjò ńlá, V hàn lára ewé ìsàlẹ̀ káàkiri oko. Òjò ti fọ náítírójìn lọ nìyẹn. Tó bá jẹ́ pé ibi tí omi dúró sí nìkan ló pọ́n, kí wọ́n kọ́kọ́ la ojú omi.

Àpò yúríà kan, 50 kìlógíráàmù, tó fún eékà náà. Náítírójìn inú rẹ̀ jẹ́ 23 kìlógíráàmù. Kí wọ́n wa ihò kékeré ní bí ìbú ọwọ́ kan sí ìdí àgbàdo, nígbà tí ilẹ̀ bá tutù, kí wọ́n sì bò ó. Yúríà tí wọn ò bò máa ń bá afẹ́fẹ́ lọ.

Ewé tó ti pọ́n kò ní padà tutù. Ewé tuntun ni kí àgbẹ̀ máa wò. Tí àgbàdo bá ti yọ òdòdó lókè, ajílẹ̀ náà kò ní ràn án lọ́wọ́ púpọ̀ mọ́.