Àwòrán Tí Ojú Ń Rìn Bí Ẹsẹ̀: Ìtàn Òkè Fuchun

Bí a bá fẹ́ wo àwòrán tó wà lára ògiri, ìdúró la máa ń dúró. A ó rí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, lẹ́yìn náà la ó wá máa wo ibì kọ̀ọ̀kan. Àwọn ará Ṣáínà àtijọ́ ní irú àwòrán mìíràn tí kò gba èyí. Wọ́n ń ká a bí a ṣe ń ká ẹní, wọ́n sì ń fi í pamọ́ sínú àpótí. Ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ wò ó ni wọ́n ń gbé e jáde, tí wọ́n á gbé e ka orí tábìlì, tí wọ́n á sì máa tú u díẹ̀díẹ̀. Òkè, odò, igi àti afárá ló máa ń wà nínú rẹ̀, tàdáwà dúdú lásán ni wọ́n sì fi ya ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn la fẹ́ tẹ̀ lé nínú àròkọ yìí. Huang Gongwang ló yà á, orúkọ rẹ̀ sì ni "Ibùgbé Láàrin Àwọn Òkè Fuchun". Ohun tí ojú àwòrán yìí ti rí pọ̀: wọ́n gbà á lọ́wọ́ olówó rẹ̀, wọ́n jù ú sínú iná, ọba kan tún pè é ní ayédèrú. Àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ yìí gan-an ló jẹ́ kó yé wa bí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ṣe ń mú ènìyàn rìn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ọwọ́ ẹni tó ń wò ó. Apá ọ̀tún ni ìbẹ̀rẹ̀ wà, apá òsì ni òpin. Ẹni tó bá ti lọ sí ilé kéwú rí mọ ọ̀nà yẹn dáadáa. Ọwọ́ òsì ló ń tú ohun tó kàn sílẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún ló ń ká ohun tí a ti rí. Ohun tó wà ní ṣíṣí lẹ́ẹ̀kan kì í ju ìwọ̀n tí ọwọ́ méjèèjì lè nà dé ní ìrọ̀rùn, bíi 60 sẹ̀ǹtímítà. Nítorí náà, ibi tí a ti kọjá ti lọ sẹ́yìn, ibi tí a ń lọ kò tíì hàn, ibi tí a wà nìkan ló wà níwájú wa. Bó ṣe rí fún arìnrìn-àjò lójú ọ̀nà náà nìyẹn. Ẹni tó ń wò ó ló ń pinnu bó ṣe máa yára tó. Ó lè dúró pẹ́ nídìí afárá kan, ó sì lè padà sẹ́yìn. Àwòrán bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti ọ̀pọ̀ èrò: ẹnì kan, tàbí òun àti ọ̀rẹ́ méjì, ló lè wò ó pa pọ̀.

Kí ni ó máa wá rí? Nínú apá tó gùn jù lára àwòrán Huang, etí odò ni ọ̀nà gbà. Òkè tó rí róbótó máa ń yọ, yóò ga, yóò sì rọra sọ̀ kalẹ̀ sínú igi àti àwọn ilé kéékèèké. Àwọn ènìyàn inú rẹ̀ kò pọ̀, wọ́n sì kéré débi pé ẹni tó bá ń kánjú kò ní rí wọn. Apẹja wà nínú ọkọ̀ ojú omi, ẹnì kan ń kọjá lórí afárá, ẹnì kan jókòó sínú àtíbàbà létí omi. Àwọn ló ń sọ fún wa bí a ṣe tóbi tó láàrin òkè wọ̀nyẹn. Lẹ́yìn náà, ilẹ̀ á pẹ̀yìn dà, omi á gbòòrò, tákàdá funfun á fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Nígbà tó bá kù díẹ̀ kó parí, òkè kan ṣoṣo tó mú ṣóńṣó á yọ lójijì, lẹ́yìn rẹ̀ ni ilẹ̀ á wá pòórá sínú tàdáwà tó ti ṣàn dànù sí fífẹ́lẹ́.

Ohun kan wà tí Huang kò ṣe, òun ló sì jẹ́ kí ìrìn yìí ṣeé ṣe. Kò dúró sójú kan ya gbogbo rẹ̀. Ká ní ó dúró sójú kan ni, ibì kan ṣoṣo ni àwòrán ì bá dára sí, gbogbo ibi yòókù ì bá sì wọ́. Ní nǹkan bí ọ̀rúndún mẹ́ta ṣáájú rẹ̀, ayàwòrán Guo Xi ti ka ọ̀nà mẹ́ta tí jíjìnnà ń gbà hàn nínú àwòrán òkè: kí a wà nísàlẹ̀ kí a gbójú sókè wo góńgó, kí a wà níwájú òkè kí a yọjú wo ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀, kí a sì wà ní òkè tó súnmọ́ wa kí a wo èyí tó jìnnà réré. Huang ń ti ọ̀kan bọ́ sí òmíràn láìkéde. Bí ọwọ́ ṣe ń tú tákàdá, bẹ́ẹ̀ ni ojú ń gòkè, tó ń sọ̀ kalẹ̀. Guo Xi kan náà ló sọ pé àwòrán òkè tó dára jù ni èyí tí ènìyàn lè rìn kiri nínú rẹ̀, tó sì lè gbé inú rẹ̀. Orúkọ tí àwòrán Huang ń jẹ́ bá èyí mu.

Àkókò kò sí nínú wíwò nìkan, ó wà nínú yíyà pẹ̀lú. Huang kọ ìtàn rẹ̀ sí ìparí àwòrán náà fúnra rẹ̀ ní ọdún 1350. Ó ní ọdún 1347 ni òun padà sí òkè Fuchun pẹ̀lú Wuyong, ọ̀rẹ́ òun tó jẹ́ ẹlẹ́sìn Dáò, tí òun sì la àwòrán náà kalẹ̀. Láti ìgbà náà, bí ọkàn òun bá fà sí i ni òun ń fi kún un. Ọdún mẹ́ta, mẹ́rin kọjá, kò tíì parí, nítorí pé òun fi í sílẹ̀ lórí òkè nígbà tí òun ń rìn kiri. Wuyong ń bẹ̀rù kí ẹlòmíràn má lọ fi ọgbọ́n tàbí agbára gbà á, ìdí nìyẹn tó fi ní kí òun kọ orúkọ ẹni tó ni ín síbẹ̀ kó tó parí. Ẹni nǹkan bí ọdún 78 ni Huang nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Àmì ọdún wọ̀nyẹn wà lára iṣẹ́ náà: tàdáwà fífẹ́lẹ́ ló wà nísàlẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ sì ti tún kọjá lórí rẹ̀ léraléra pẹ̀lú ìlà gígùn tó rí bí okùn tí a tú.

Ẹ̀rù Wuyong kò já sí asán. Ní ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, ọwọ́ Shen Zhou, ayàwòrán ńlá mìíràn, ni àwòrán náà wà. Ó gbé e fún ẹnì kan pé kó kọ ọ̀rọ̀ sí i, ọmọ ẹni náà sì gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́. Ní ọdún 1487, Shen Zhou jókòó, ó tún un yà látinú iyè rẹ̀. Kì í ṣe pé ó jọ ti Huang ní gbogbo ìlà, ṣùgbọ́n bí òkè ṣe tẹ̀ lé omi, tí afárá tẹ̀ lé igi, ó wà níbẹ̀. Lójú tiwa, bí ènìyàn ṣe ń rántí ọ̀nà oko ló ṣe rántí rẹ̀: ibi tí a ti yà, ohun tó kàn, ohun tó tún kàn.

Ní nǹkan bí ọdún 1650, Wu Hongyu tó ni ín fẹ́ kú. Ó fẹ́ràn àwòrán náà débi pé ó ní kí wọ́n sun ún kó lè bá òun lọ. Wọ́n jù ú sínú iná. Wu Jing'an, ọmọ mọ̀lẹ́bí rẹ̀, sáré fà á yọ, ó sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ nínú iná. Ibi tí iná ti jẹ ẹ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kádàrá lásán. Bí a bá ká irú àwòrán yìí, òpin rẹ̀ ló wà nínú, lára ọ̀pá, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ló wà níta. Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà ni iná kọ́kọ́ bá. Iná tó bá jó wọ inú ohun tí a ká yóò lu ìpele bíi mélòó kan pa pọ̀, nígbà tí a bá sì tú u, ihò náà á máa tún ara rẹ̀ ṣe lọ́nà jíjìn síra, á sì máa kéré sí i. Báyìí ni àwòrán Huang ṣe já sí méjì. Èyí tó kúrú jẹ́ 51.4 sẹ̀ǹtímítà ní gígùn, ó wà ní ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ti Zhejiang. Èyí tó gùn jẹ́ 636.9 sẹ̀ǹtímítà, ó wà ní Taipei. Ẹni tó bá ń wo ti Taipei lónìí, àárín ọ̀nà ló ti bọ́ sójú ọ̀nà.

Ìpalára kejì kò ṣẹlẹ̀, àṣìṣe ló sì gba àwòrán náà là. Ní ọdún 1745, Ọba Qianlong rí ẹ̀dà kan, ó gbà pé ojúlówó ni. Ó ń gbé e lọ sí ìrìn-àjò, gbogbo ìgbà tó bá sì tú u ló ń kọ nǹkan sí i, ó lé ní ìgbà 50, títí tí ojú ọ̀run inú àwòrán náà fi kún fún ọ̀rọ̀. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ojúlówó dé ààfin. Ọba wò ó, ó ní ẹ̀dà ni, ó ní kí wọ́n kọ ọ́ sí i lára bẹ́ẹ̀, ó sì pa á tì. Bí a bá gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, a ó rí ohun tí a ì bá pàdánù. Ibi òfìfo wọ̀nyẹn ni omi àti ìkùukùu, ibẹ̀ ni ojú ti ń sinmi kó tó mú ọ̀nà pọ̀n. Ní ti ẹ̀dà yẹn, gbogbo ibi tí ènìyàn bá fẹ́ gbà ni ọ̀rọ̀ ọba ti dí.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2011, wọ́n gbé apá méjèèjì sínú ilé kan ní Taipei, wọ́n tú wọn sílẹ̀ lábẹ́ gíláàsì. Inú wa dùn pé wọ́n tún ríra, ṣùgbọ́n a kò lè ṣàìrí i pé nǹkan kan yí padà. Lábẹ́ gíláàsì, gbogbo rẹ̀ wà ní ṣíṣí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Òkè ṣóńṣó ìparí kò lè yọ síni lójijì mọ́, ojú ti rí i láti òkèèrè. Ó yé wa pé tákàdá tó ti pé ọdún tó ju 600 lọ kò lè gba ìtú-ká lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí àwòrán rẹ̀ lórí fóònù, ẹ má ṣe sún un kéré kí gbogbo rẹ̀ lè wọ ojú kan. Ẹ fẹ̀ ẹ́ títí gíga rẹ̀ yóò fi kún ojú fóònù, ẹ lọ sí apá ọ̀tún, kí ẹ wá máa rọra tẹ̀ síwájú lọ sí òsì. Bí ẹ bá dé ìdí ẹni tó jókòó sínú àtíbàbà létí omi, ẹ bá a jókòó díẹ̀. Huang fi ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin rìn ín, kò yẹ kí tiwa parí ní ìṣẹ́jú àáyá.