Omi tó mọ́ gaara lójú lè máa gbé ẹ̀gbin kiri: Bí wọ́n ṣe ń fi awọ asẹ́ yẹ omi kànga àti bọ́hóòlù wò

Ojú, imú àti ahọ́n ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń ṣe ìdájọ́ omi. Bí omi bá ti mọ́ gaara, tí kò rùn, tí kò sì ní ìtọ́wò kankan lẹ́nu, wọn á ní omi náà dára, wọn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í mu ún. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé kòkòrò tó ń fa kọ́lẹ́rà àti èyí tó ń fa ibà jẹ̀funjẹ̀fun kò ní àwọ̀, wọn kò sì ní òórùn. Omi tí ìgbẹ́ ènìyàn ti ráyè wọ̀ láti inú ṣáláńgá lè mọ́ ju omi odò lọ bí a bá bù ú sínú ife. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń yẹ omi wò kì í fi í wo ojú rẹ̀.

Èèyàn lè rò pé kòkòrò kọ́lẹ́rà gan-an ni wọ́n máa ń wá nínú omi. Kò rí bẹ́ẹ̀. Irú àwọn kòkòrò tó ń fa àìsàn pọ̀ gan-an, wíwá wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan sì gba owó àti àkókò. Yàtọ̀ sí èyí, wọ́n lè má sí nínú omi lónìí nítorí pé kò sí ẹni tó ń ṣàìsàn ládùúgbò, kí wọ́n sì dé ibẹ̀ lọ́la. Nítorí náà, ẹlẹ́rìí ni wọ́n ń wá, ìyẹn kòkòrò tó máa ń wà nínú ìgbẹ́ gbogbo ènìyàn, yálà ara onítọ̀hún le tàbí kò le. Agbo kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní kólífọ́ọ̀mù ni wọ́n yàn fún iṣẹ́ yìí. Ọ̀kan nínú agbo náà, tó ń jẹ́ Ẹṣẹríkíà kólì, ló sì ṣeé gbọ́kàn lé jù lọ. Orúkọ dókítà ọmọ ilẹ̀ Jámánì, Theodor Escherich, tó kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ lọ́dún 1885, ni wọ́n fi sọ ọ́. Àìmọye rẹ̀ ló wà nínú ìgbẹ́ ìwọ̀nba díẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kì í sì í ṣe ènìyàn ní ibi. Ṣùgbọ́n bí a bá ti rí i nínú omi, a ti mọ̀ pé ìgbẹ́ ti rí ọ̀nà débẹ̀, ọ̀nà tí ìgbẹ́ bá sì gbà wọlé ni àìsàn náà lè gbà.

Ó yẹ kí a fi ìyàtọ̀ kan sọ́kàn. Kì í ṣe gbogbo kólífọ́ọ̀mù ló ti inú ìgbẹ́ wá. Àwọn kan ń gbé inú ilẹ̀ àti lára ewé jíjẹrà, pàápàá ní ilẹ̀ olóoru bíi tiwa, níbi tí wọ́n ti lè máa pọ̀ sí i fúnra wọn. Àwọn tó ti inú ìfun wá ni ooru tó tó 44°C kì í dí lọ́wọ́, nígbà tí ọ̀pọ̀ àwọn ará ilẹ̀ kì í lè dàgbà níbẹ̀. Ooru yìí ni àwọn ayẹmiwò fi ń ya ọmọ ilé sọ́tọ̀ kúrò lára àlejò. Ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé àti ti ìjọba Nàìjíríà sì bá ara wọn mu lórí Ẹṣẹríkíà kólì: ẹyọ kan ṣoṣo kò gbọdọ̀ sí nínú 100 mìlílítà omi mímu.

Ibi tí iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́ jù ni ibi bíbu omi, kì í ṣe inú yàrá àyẹ̀wò. Ìgò tí wọn yóò lò gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n ti fi ooru pa gbogbo kòkòrò ara rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹnu ẹ̀rọ ni, wọ́n á yọ rọ́bà tàbí aṣọ tí wọ́n so mọ́ ọn, wọ́n á nù ún, wọ́n á fi iná sun ẹnu irin náà, wọ́n á sì jẹ́ kí omi ṣàn fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì kí wọ́n tó gbé ìgò sí i. Bí ó bá jẹ́ kànga, wọ́n á so nǹkan wúwo tó mọ́ mọ́ ìgò, wọ́n á sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ pẹ̀lú okùn mímọ́ láìjẹ́ kí ó kan ògiri kànga. Ẹni tó bá fi garawa inú ilé fa omi náà kò ì ṣàyẹ̀wò kànga, garawa ló ṣàyẹ̀wò. Omi tí kólórínì wà nínú rẹ̀ ní tirẹ̀ ń fẹ́ ìgò tí wọ́n ti fi ìwọ̀nba sódíọ́mù tayosọ́féètì sí, nítorí láìsí èyí, kólórínì yóò máa pa kòkòrò nìṣó lójú ọ̀nà, èsì yóò sì dára ju bí omi ṣe rí lọ. Inú kúlà tó ní yìnyín ni ìgò máa ń wà títí tí yóò fi dé yàrá àyẹ̀wò, ó sì dára kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí mẹ́fà.

Awọ asẹ́ gan-an jẹ́ pépà róbótó funfun tó tẹ́ẹ́rẹ́, tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 47 mílímítà, tí wọ́n sì fa ìlà oníhò-hò sí lójú kí kíkà lè rọrùn. Ihò ara rẹ̀ kò ju 0.45 máíkírómítà lọ, bẹ́ẹ̀ ni bí a bá pín mílímítà kan sí ọ̀nà ẹgbẹ̀rún, ìdá kan ni máíkírómítà. Omi ń gba inú ihò náà kọjá, ṣùgbọ́n kólífọ́ọ̀mù tóbi jù ú lọ. Wọ́n á fi ẹ̀mú kékeré tí wọ́n ti fi iná sun gbé awọ náà sórí àsẹ́, wọ́n á gbé àrọ lé e, wọ́n á da 100 mìlílítà omi sí i, wọ́n á sì fi ẹ̀rọ ìfafẹ́fẹ́ alọ́wọ́ fa omi náà kọjá. Gbogbo kòkòrò inú omi náà yóò wá kù sórí awọ.

Ó ku kí wọ́n bọ́ wọn. Nínú àwo pẹlẹbẹ oníderí, wọ́n á gbé awọ náà sórí òwú tí wọ́n ti fi omi oúnjẹ rin. Ṣúgà inú wàrà wà nínú oúnjẹ yìí, ọṣẹ díẹ̀ wà níbẹ̀ tí kì í jẹ́ kí àjèjì kòkòrò gbèrú, aró pupa kan sì wà níbẹ̀ tó máa ń yí padà bí nǹkan bá kan. Kólífọ́ọ̀mù tó bá jẹ ṣúgà náà yóò sọ ọ́ di kíkan, aró yóò sì di àwọ̀ ìyeyè. Wọn kì í sáré gbé àwo náà sínú ooru. Kòkòrò tó ti jìyà nínú omi nílò ó kéré tán wákàtí kan, kò sì gbọdọ̀ ju mẹ́rin lọ, láti sinmi níbi tí ooru kò ti le. Lẹ́yìn èyí ni yóò wọ inú àpótí amóoru tó wà ní 44°C, fún wákàtí 14 sí 18. Ẹyọ kòkòrò kan tí ojú kò lè rí yóò ti di ẹgbẹẹgbẹ̀rún nígbà yẹn, yóò sì hàn bí àmì róbótó aláwọ̀ ìyeyè tó tó mílímítà kan sí mẹ́ta. Wọ́n gbọ́dọ̀ kà á láàárín ìṣẹ́jú 15 tó bá jáde, torí àwọ̀ náà lè yí padà bó bá tutù.

Ẹ jẹ́ kí a fi ilé kan ní Ìbàdàn ṣe àpẹẹrẹ, tó ní kànga lẹ́yìnkùlé àti bọ́hóòlù tó ń fa omi sínú táǹkì 1,000 lítà. Omi mẹ́ta ni wọ́n bù: ti kànga, ti ẹnu bọ́hóòlù kí ó tó dé táǹkì, àti ti ẹnu ẹ̀rọ tó ń jáde láti inú táǹkì. Èyí tí wọ́n rò pé ó mọ́ jù ni wọ́n kọ́kọ́ sẹ́, kí ìdọ̀tí kànga má baà kan òmíràn. Wọ́n sì tún sẹ́ omi tí kò ní kòkòrò rárá, láti mọ̀ bóyá ohun èlò wọn mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, àwo omi aláìníkòkòrò kò ní àmì kankan, nítorí náà èsì yòókù ṣeé gbà. Ẹnu bọ́hóòlù jẹ́ 0. Ẹnu ẹ̀rọ táǹkì jẹ́ 14. Ti kànga, 100 mìlílítà rẹ̀ ti di ẹní aláwọ̀ ìyeyè kan, kò ṣeé kà. Ó dùn mọ́ni pé ayẹmiwò náà ti rò ó tẹ́lẹ̀, ó ti sẹ́ 10 mìlílítà àti mìlílítà kan pẹ̀lú, lẹ́yìn tó kọ́kọ́ bu omi aláìníkòkòrò díẹ̀ sínú àrọ kí kòkòrò lè tàn ká awọ. Àmì 38 ló kà lórí ti 10 mìlílítà. Bí a bá sọ ọ́ di 100 mìlílítà, ó jẹ́ 380. Àmì 4 ló wà lórí ti mìlílítà kan, ìyẹn 400 nínú 100 mìlílítà. Èsì méjèèjì jẹ́rìí ara wọn, ṣùgbọ́n 38 ló ṣeé gbára lé jù, torí àmì mẹ́rin kéré jù láti fi ṣèdájọ́.

Kí ni nọ́ńbà mẹ́ta yìí ń sọ? Bọ́hóòlù kò ní ẹ̀bi, inú táǹkì ni ẹ̀gbin wà. Wọ́n gòkè lọ wò ó, ìdérí rẹ̀ ti sẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ìgbẹ́ ẹyẹ sì wà lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n dà á nù, wọ́n fọ inú rẹ̀, wọ́n tún kún un, wọ́n sì po nǹkan bíi 77 gíráàmù kólórínì oníyẹ̀fun, irú èyí tí agbára rẹ̀ jẹ́ 65 nínú ọgọ́rùn-ún, sínú garawa omi kí wọ́n tó dà á sínú táǹkì. Ìyẹn fún lítà kọ̀ọ̀kan ní 50 mílígíráàmù kólórínì. Wọ́n fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni mu ún, wọ́n dà á nù, wọ́n sì ṣan án títí òórùn fi lọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n tún bù ú yẹ̀ wò.

Ọ̀rọ̀ kànga le ju ìyẹn lọ. Ṣáláńgá tó wà lókè rẹ̀ kò jìnnà sí i ju mítà mẹ́sàn-án lọ, nígbà tí 30 mítà jẹ́ àlàfo tí àwọn onímọ̀ sábà máa ń béèrè fún. Kólórínì tí wọ́n bá dà sí i yóò pa kòkòrò tó wà níbẹ̀ lónìí, òmíràn yóò sì ti ṣáláńgá wọlé lọ́la. Omi rẹ̀ di ti ìfọṣọ, ẹni tó bá sì fẹ́ mu ún gbọ́dọ̀ sè é kí ó hó.

A kò gbọdọ̀ tìtorí 0 ti bọ́hóòlù yìí sọ pé gbogbo bọ́hóòlù ló mọ́. Orí àpáta àtijọ́ ni Ìbàdàn wà, inú ibi tí àpáta ti jẹrà àti ojú lílà ara rẹ̀ ni omi abẹ́ ilẹ̀ ń gbé. Ilẹ̀ oníyanrìn máa ń sẹ́ omi díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ojú lílà àpáta kì í sẹ́ nǹkan kan. Bí wọn kò bá fi sìmẹ́ńtì dí ẹ̀gbẹ́ páìpù lókè dáadáa, omi sọkawéè lè bá ibẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ kíákíá.

0 náà sì lè jẹ́ irọ́. Bí àpótí amóoru bá gbóná kọjá 44°C, tàbí tí ìgò bá pẹ́ nínú oòrùn, kòkòrò lè ti kú kí wọ́n tó bọ́ ọ. Ìdí nìyí tí ayẹmiwò tó mọṣẹ́ fi máa ń ṣe àwo kan pẹ̀lú omi tó mọ̀ pé ó dọ̀tí: bí ìyẹn kò bá hu nǹkan, kò sí èsì kankan lọ́jọ́ náà. Omi tí ẹrẹ̀ tàbí ìpẹtà irin pọ̀ nínú rẹ̀ tún máa ń dí ihò awọ pa. Bákan náà, awọ asẹ́ kò lè mú fáírọ́ọ̀sì, tó kéré gan-an sí ihò rẹ̀, kò sì lè sọ ohunkóhun nípa òjé tàbí kẹ́míkà mìíràn tó yòrò sínú omi.

Àkókò tí wọ́n bu omi náà sì ṣe pàtàkì. Kànga tó jẹ́ 0 nínú oṣù Kejì, nígbà tí ilẹ̀ gbẹ, lè di ọgọ́rọ̀ọ̀rún lẹ́yìn òjò ńlá àkọ́kọ́, nígbà tí omi bá fọ ohun tó ti ń kó jọ nínú ṣáláńgá àti lórí ilẹ̀ lọ sísàlẹ̀. Ẹni tó bá lówó àyẹ̀wò kan ṣoṣo lọ́dún, ìgbà òjò ni kí ó ṣe é.