Ìtúsílẹ̀ Ẹrù Òkèèrè ní Èbúté Àpápá

Ìtúsílẹ̀ ẹrù ni ètò tí ọjà tó ti òkè òkun dé gbọ́dọ̀ là kọjá kí ó tó jáde ní èbúté. Ní Àpápá, ọwọ́ tí ẹrù ń gbà kọjá pọ̀: ti báńkì, ti aṣọ́bodè, ti iléeṣẹ́ ọkọ̀ òkun àti ti àwọn tó ni gbàgede ìkẹ́rùsí. Bí wọ́n bá ní ẹrù ṣì wà ní ìdúró, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé ọwọ́ ta ló wà.

Kí ọkọ̀ tó gúnlẹ̀ ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Oníṣòwò á gba Fọ́ọ̀mù M ní báńkì, aṣọ́bodè á sì gbé ìwé ìdíyelé tí wọ́n ń pè ní PAAR jáde. Bí PAAR bá pẹ́, ìwé ló há, kì í ṣe ẹrù. Báńkì àti ejẹ́ńtì ló yẹ ká bi.

Nọ́ńbà kọ̀ńténà, lẹ́tà mẹ́rin àti nọ́ńbà méje, ni a fi ń tọ ẹrù lójú ìwé iléeṣẹ́ ọkọ̀. “Discharged” níbẹ̀ kò ju pé wọ́n ti sọ ọ́ kalẹ̀ látinú ọkọ̀ lọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ dé lọ́dọ̀ aṣọ́bodè, nọ́ńbà ìwé ìkéde ẹrù tó wà lọ́wọ́ ejẹ́ńtì ló ń fi í hàn. Bí wọ́n bá ti ṣírò owó ibodè tí a kò tíì san án, oníṣòwò ni gbogbo wọn ń dúró dè.

Lẹ́yìn ìsanwó, ẹ̀rọ á yan àwọ̀ fún ẹrù. Aláwọ̀ ewé ń kọjá láìsí àyẹ̀wò. Ti búlúù náà ń kọjá, ṣùgbọ́n wọ́n lè yẹ ìwé rẹ̀ wò tó bá yá. Ìyeyè túmọ̀ sí àyẹ̀wò ìwé, pupa sì túmọ̀ sí pé wọ́n á ṣí kọ̀ńténà.

Ká ní fáànù ni oníṣòwò kan kó wọlé, tí àwọ̀ pupa sì mú un. Páálí 500 ló wà nínú ìwé, àmọ́ nígbà tí wọ́n tú u, 560 ni wọ́n kà. Ẹrù náà á padà sí ìdúró, nítorí owó ibodè gbọ́dọ̀ pé lórí 60 tó lé, ìtanràn sì lè tẹ̀ lé e. Bí kò bá sí ìwé ẹ̀rí SONCAP fún fáànù náà, àjọ SON lè dá a dúró lọ́tọ̀. Owó tí a san fún aṣọ́bodè kò tú ìyẹn.

Ìtúsílẹ̀ aṣọ́bodè kọ́ ni òpin. Iléeṣẹ́ ọkọ̀ á gba owó tirẹ̀ kó tó fún ejẹ́ńtì ní ìwé ìgbẹ́rù, gbàgede náà á sì gba tirẹ̀. Bí ọjọ́ ọ̀fẹ́ bá ti tán, owó kọ̀ńténà àti owó ààyè ń gun orí ara wọn lójoojúmọ́, ẹni yòówù kó fa ìdúró náà.